Ìbéèrè 60, wákàtí 2: bí a ṣe tún ìdánwò ìṣirò kan wọ̀n

Ìdánwò ìṣirò ti táàmù kejì ni, fún kíláàsì ẹ́sẹ́sì 2 ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ọbujẹ́tíìfù 60, tíọ́rì 6 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú 4 nínú rẹ̀, wákàtí 2. Ọbujẹ́tíìfù ló ni ìdajì máàkì, tíọ́rì ló ni ìdajì yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ 36 ló jókòó ṣe é, 11 péré ló sì gbà ju ìdajì lọ. Kíláàsì yìí kì í ṣe kíláàsì olódo. Bí wọ́n bá ṣe tẹ́ẹ̀sìtì, àwọn tó ń yege máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń fìdí rẹmi lọ dáadáa. Olùkọ́ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, di ìwé ìdáhùn náà wá sí ọ́fíìsì mi, torí èmi ni mò ń bójú tó ìgbìmọ̀ ìdánwò. Ó ní, "Mà, àwọn ọmọ yìí ò kàwé rárá."

N kò bá a jiyàn. Mo kàn bi í pé báwo ló ṣe dé orí 60. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ó ní ìdáhùn gidi, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ní bí ìwé ìbéèrè tó kọjá ṣe rí nìyẹn. Ó ní Jámbù máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè 180, wọ́n á sì ṣe é ní ìṣẹ́jú 120. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìbéèrè 60 á gba ìṣẹ́jú 40. Ó fi ìṣẹ́jú 20 sí tíọ́rì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin jẹ́ 80. Àpapọ̀ jẹ́ 120 geere.

Lórí bébà, ìṣirò yẹn pé. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni pé kò fi ìṣẹ́jú kankan sílẹ̀ fún pínpín ìwé ìbéèrè, fún kíkọ orúkọ àti nọ́ńbà, fún kíka ìlànà, àti fún ọmọ tó ń wá bíírò. Ní gbọ̀ngàn tiwa, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ló máa ń bá èyí lọ, a ò tíì sọ ti àtúnyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣìnà gan-an ni 40 yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ti Jámbù kì í ṣe ti ìṣirò. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú 180 yẹn: ìbéèrè 60 ní Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á sáré kọjá níbi tó ti jẹ́ pé kí ó sáà ti mọ ọ̀rọ̀ tàbí rántí nǹkan, á wá fi àkókò tó rí ṣà jọ níbẹ̀ san gbèsè ìṣirò. Bí a bá yọ ìṣirò nìkan kúrò níbẹ̀, tí a sì gbé ìṣẹ́jú àáyá 40 lé e lórí, kò tún sí ibi tí ọmọ náà á ti yá àkókò.

Mo ní kó jẹ́ ká wo Wáẹ̀kì dípò Jámbù, torí Wáẹ̀kì ló sún mọ́ ohun tí a ń ṣe. Ìbéèrè ọbujẹ́tíìfù 50 ni wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú kẹ́mísìrì, wákàtí 1 sì ni àkókò rẹ̀. Ti fíísíìsì, 50 náà ni, ṣùgbọ́n wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Ti ìṣirò, 50 náà ni, wákàtí 1 ààbọ̀. Iye kan náà, àkókò mẹ́ta. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò ka iye ìbéèrè nìkan. Wọ́n ka iye ìgbésẹ̀ tí ọmọ á gbé kó tó dé orí A, B, C tàbí D. Ní ìwọ̀n Wáẹ̀kì, ìbéèrè ìṣirò kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 108, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí olùkọ́ wa fi ṣírò. Ọbujẹ́tíìfù 60 nìkan á jẹ ìṣẹ́jú 108 nínú 120.

Èyí nìkan kò tó láti dá ẹjọ́, torí ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ náà kò kàwé lóòótọ́, kí ìdánwò náà sì tún gùn jù. Ìwé ìdáhùn ni yóò sọ. A tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a sì wo àwọn àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ nǹkan, àlàfo rẹ̀ á fọ́n káàkiri: ọ̀kan ní 7, ọ̀kan ní 19, méjì ní nǹkan bí 30, torí ó fò wọ́n pẹ̀lú èrò pé òun á padà wá. Bó bá jẹ́ pé àkókò ló tán, àlàfo náà á tò tẹ̀ léra láti ibì kan títí dé ìparí, kò ní sí ìdáhùn kankan láàárín. Ọ̀nà kẹta tún wà tí kò jọ àlàfo rárá: ọmọ á rí i pé olùṣọ́ ti ń pariwo ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá fi C kún gbogbo èyí tó kù. Bí ẹ bá rí C mẹ́tàlá tó tò tẹ̀ léra, ẹ mọ̀ pé ọmọ náà kò ka ìkankan níbẹ̀.

Nínú 36, àwọn 9 ló ṣe é dé 60 ní tòótọ́. Àwọn 8 fi lẹ́tà kan ṣoṣo di ìparí. Àwọn 19 tó kù, àlàfo wọn bẹ̀rẹ̀ láti inú 40 sókè, ó sì lọ tààrà dé òpin. Àwọn tó kọ́kọ́ mú tíọ́rì wà lára wọn, torí wọ́n mọ̀ pé mẹ́rin péré ló gbé ìdajì máàkì.

Olùkọ́ náà ní àwọn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ló le jù. Àtakò tó dáa ni, torí náà a wá ìbéèrè méjì tó jẹ́ ìbejì. Ìbéèrè 12 àti 53 dá lé ìdagun ìlà tọ́ọ́rọ́, nọ́ńbà inú wọn nìkan ló yàtọ̀. Àwọn 29 ló gba 12. Àwọn 12 ló dé orí 53, 10 sì gbà á. Mi ò fi 10 yẹn ṣe ẹ̀rí, torí àwọn tó dé ibẹ̀ ni àwọn tí ọwọ́ wọn yá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ló mọ iṣẹ́ jù. Ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ àwọn 24 tí kò dé 53 rárá: 18 nínú wọn ló gba 12. Ọmọ 18 pàdánù máàkì lórí ohun tí wọ́n ti fi hàn nínú ìwé kan náà pé àwọn mọ̀. Lẹ́yìn èyí, kò tún sọ pé wọn ò kàwé.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìwé ìbéèrè náà bó ṣe yẹ ká ti wọ̀n ọ́n kó tó dé gbọ̀ngàn. Ẹni tó kọ ìbéèrè kò gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, torí ó ti mọ ibi tí ìdáhùn wà kó tó gbé bíírò. Ìyá kan tó ń kọ́ fíísíìsì, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, ló bá wa jókòó. A bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa kọ ọ́, kó má ṣe é lórí. A tún pín ọbujẹ́tíìfù sí oríṣi mẹ́ta fún un, ká lè mọ àkókò oríṣi kọ̀ọ̀kan. Àwọn 24 jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, ó ṣe wọ́n ní ìṣẹ́jú 6. Àwọn 26 jẹ́ ìgbésẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó lo ìṣẹ́jú 13. Àwọn 10 ní àwòrán òbíríkítí tàbí ìtàn gígùn tí a ní láti kà kí a tó mọ ohun tí wọ́n ń bi wá. Àwọn yẹn nìkan gba ìṣẹ́jú 12. Àpapọ̀ jẹ́ 31. Tíọ́rì mẹ́rin gbà á ní ìṣẹ́jú 24, mẹ́fà-mẹ́fà.

Àkókò olùkọ́ kọ́ ni àkókò ọmọ. Àwọn olùkọ́ àgbà máa ń sọ pé ká sọ tiwa di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ṣùgbọ́n láàárín mẹ́ta àti mẹ́rin, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan lórí ìwé bí eléyìí. Nítorí náà a wá tiwa fúnra wa. Olùkọ́ ìṣirò kọ tẹ́ẹ̀sìtì oníbèéèrè 10, oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Màámi ṣe é tán ní ìṣẹ́jú 5. Nígbà tí olùkọ́ ìṣirò gbé e fún kíláàsì, ó sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó máa gba ìwé lọ́wọ́ wọn, àmọ́ bí kálukú bá ti parí, kó wo aago ara ògiri, kó kọ àkókò náà sí òkè ìwé rẹ̀.

Ẹni tó yára jù parí ní ìṣẹ́jú 8. Ìdajì kíláàsì ti parí nígbà tí aago lu ìṣẹ́jú 12. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 15, àwọn 32 ti parí. Ẹni ìkẹyìn dé ìṣẹ́jú 21. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń mú ààrin, wọ́n á ní ìṣẹ́jú 12 ni. Bí a bá fi 12 ṣètò ìdánwò, a ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì kíláàsì kò ní parí nìyẹn. 15 la mú, níbi tí nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti parí. 15 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 5 ti Màámi. A ò lè lo 21, torí ẹni kan á wá sọ ìdánwò gbogbo èèyàn di ohun tí wọ́n á parí tí wọ́n á máa wo òrùlé.

Pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta yìí, ọbujẹ́tíìfù ìdánwò táàmù kejì jẹ́ ìṣẹ́jú 93, tíọ́rì jẹ́ 72. Bí a bá fi ìṣẹ́jú 10 tó ń bá pínpín ìwé lọ kún un, ó di 175. Ìwé wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún ọmọ ṣe ní wákàtí méjì.

Láti ibí, dídín in kù kò le, bí a bá gbà pé àkókò ni à ń dín, kì í ṣe iye. Olùkọ́ ìṣirò kọ́kọ́ ní ká gé 30 ìkẹyìn sọnù. Mo ní rárá, torí àwọn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó parí táàmù nínú síkíìmù, a ò sì ní bi wọ́n ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ ká wò ni iye tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń ná wa. Àwọn 10 aláwòrán àti onítàn jẹ ìṣẹ́jú 36 nínú 93, bẹ́ẹ̀ máàkì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé kò ju ti ìbéèrè ìgbésẹ̀ kan lọ. Ọmọ tó bá já fáfá á fò wọ́n. Ọmọ tó bá jẹ́ olóòótọ́, tó ń ṣe é bó ṣe tò, á há síbẹ̀.

Fún táàmù kẹta a gba ìṣẹ́jú 120, a yọ 10 kúrò, ó ku 110. Nínú ọbujẹ́tíìfù, a mú 10 nínú oríṣi ìgbésẹ̀ kan, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀. A mú 17 nínú ti ìgbésẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó jẹ́ 25 ààbọ̀. A fi 3 péré sílẹ̀ nínú àwọn gígùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 30, ìṣẹ́jú 44. Tíọ́rì 3, ìṣẹ́jú 18 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 54. Àpapọ̀ 98, ó ku ìṣẹ́jú 12 fún àtúnyẹ̀wò. A tún dín yíyàn kù: mẹ́ta nínú mẹ́rin dípò mẹ́rin nínú mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ń rò pé fífún ọmọ ní yíyàn jẹ́ àánú, ṣùgbọ́n yíyàn ní owó tirẹ̀. Ó ní láti ka gbogbo wọn kó tó mú, ẹlòmíràn á sì ti bẹ̀rẹ̀ èkejì kó tó fagi lé e lọ sí èkẹta.

Olùkọ́ ìṣirò béèrè ìbéèrè tó yẹ kó béèrè: "Mà, ṣé 30 ò kéré jù láti fi mọ ohun tí ọmọ mọ̀?" Ó kéré lóòótọ́ ju 60 lọ. Bí ìbéèrè bá ti dín kù, orí rere àti orí burúkú á túbọ̀ ráyè wọ inú máàkì. Ìlànà kan wà tí àwọn tó ń wọn ìdánwò fi ń ṣírò èyí:

```
r2 = n*r1 / (1 + (n - 1)*r1)
```

r1 ni ìwọ̀n bí máàkì ìwé àtijọ́ ṣe ṣeé gbára lé, láti 0 dé 1. r2 ni ti ìwé tuntun, n sì ni ìdá tí ìwé tuntun jẹ́ nínú ti àtijọ́. Ká ní ìbéèrè 60 ní 0.84, bí a bá dín in sí ìdajì, n jẹ́ 0.5, r2 á sì jẹ́ nǹkan bí 0.72. Ìdínkù gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè 60 tí ọmọ tó pọ̀ jù kò dé ìdá mẹ́rin ìkẹyìn rẹ̀ kì í ṣe 60 fún wọn. Ó tún ní ẹ̀tàn kan nínú: bí a bá wọn ìdánwò tí àkókò rẹ̀ kò tó nípa fífi máàkì nọ́ńbà 1, 3, 5 wé ti 2, 4, 6, ìwọ̀n náà á ga lórí òfìfo, torí ibi tí ọmọ bá dúró sí, apá méjèèjì ló dúró síbẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n á bára mu dáadáa, yíyára ni wọ́n sì wọ̀n jù, kì í ṣe ìmọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ìbéèrè tó pọ̀ kó wá ìjókòó kejì sórí tàìmùtébù. Wáẹ̀kì fúnra wọn pín ìṣirò sí ìwé méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin.

A ṣe ìdánwò táàmù kẹta. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò: bí àkókò bá tó, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ á dé ìbéèrè ìkẹyìn, gbogbo wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé náà. Fún ọmọ 36, ìdá 80 jẹ́ 29. Àwọn 31 ló dé ìbéèrè 30. Gbogbo wọn ló kọjá 23, àyàfi ọmọkùnrin kan tó dé gbọ̀ngàn nígbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Tíọ́rì ni kò dá a. Àwọn 24 ló parí mẹ́ta. Nínú àwọn 12 tí kò parí, 9 ló mú ìbéèrè tó ní kí wọ́n fi àtẹ ìṣirò kan ya gíráàfù alákójọ, kí wọ́n sì ka iye àárín kúrò lára rẹ̀. Mo wo ìwé tí Màámi fi wọn ti táàmù kẹta. Àwọn tíọ́rì yòókù gbà á ní ìṣẹ́jú 5-5, gíráàfù gbà á ní 8. A ti fi 18 bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ká tó mọ̀ pé 15 ni àwọn yòókù, pé 24 ni gíráàfù. Ìyẹn nìkan kọ́. Màámi ní rúlà tirẹ̀, pẹ́ńsù rẹ̀ mú, bébà gíráàfù wà níwájú rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn, ọmọ á nawọ́, olùṣọ́ á rìn wá, á padà lọ mú bébà wá. Rúlà kan ń lọ láti àga dé àga. Ìlọ́po mẹ́ta ń ka ìrònú àti ìkọ̀wé. Kò mọ nǹkan kan nípa ìdúró de rúlà.

Nígbà tí a fi gíráàfù kan náà fún àwọn ọmọ tó wà ní ẹ́sẹ́sì 3 ní kíláàsì, tí bébà ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 30 ni ọ̀pọ̀ wọn fi parí. Mo dá a lábàá pé ká ya ìlà ìdúró àti ìlà ìbú sílẹ̀ fún wọn kó lè padà sí 24. Olùkọ́ ìṣirò kọ̀. Ó ní yíyan ìwọ̀n tó máa gba gbogbo àtẹ náà sórí bébà wà lára ohun tí òun ń dán wọn wò, Wáẹ̀kì kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ya ìlà. Òótọ́ ló sọ. Bí ìbéèrè náà á bá dúró lódindi, ìṣẹ́jú 6 ní láti ti ibòmíràn wá, a ò sì fẹ́ fọwọ́ kan àtúnyẹ̀wò. Ọbujẹ́tíìfù 4 nínú àwọn ìgbésẹ̀ méjì sí mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 6. Ìwé tó ń bọ̀ tí gíráàfù bá wà nínú rẹ̀ á ní ọbujẹ́tíìfù 26 àti tíọ́rì 3, a ó sì fi pín-ìn-nì so bébà gíráàfù mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè kí wọ́n tó pín in.